Síìmù Tó Bá Àǹtí Lọ sí Mánṣẹ́sítà

Ọjọ́ Ajé ni, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò tíì lù. Mo jókòó sí ọ́fíìsì wa ní Yábàá, mo fẹ́ dán ìfowóránṣẹ́ wò lórí áàpù tí a ń kọ́ lọ́wọ́. Mo tẹ ₦1,000, mo ní kó lọ. Áàpù ní kí n kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù mi. Mo wo fóònù títí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé tí ẹni tí mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kọ sílẹ̀ fún mi, tí mo wá rí i pé nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ gan-an ló wà lórí gbogbo àkáǹtì ìdánwò wa. Síìmù ọ̀hún wà nínú báàgì rẹ̀, báàgì náà sì wà ní Mánṣẹ́sítà.

Mo pè é. "Àǹtí, ẹ kú àárọ̀ ma. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé nọ́ńbà mẹ́fà kan wọlé sórí síìmù Nàìjíríà yín?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ lò ń yọ mí lẹ́nu láti àárọ̀? Mo rò pé àwọn gbájúẹ̀ ni!"

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni Àǹtí fi ń ka nọ́ńbà fún mi láti òkè òkun, nígbà mìíràn nínú ìpàdé níbi iṣẹ́ rẹ̀ tuntun, á fi ọwọ́ bo ẹnu, á máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Àǹtí yìí kì í ṣe aláìbìkítà o. Ojú-ìwé mẹ́rìnlá ló kọ sílẹ̀ kó tó lọ. Tẹ́sítà ni, ìyẹn ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wá ibi tí sọ́fítíwià ti lè dàrú kí oníbàárà tó bá a pàdé níbẹ̀. Iṣẹ́ olóṣù mẹ́wàá la gbà, oṣù kẹfà ló jápa. Ìwé tó kọ ni àwọn ará ọ́fíìsì ń pè ní háńdófà, ìwé ìfàṣẹ́lénilọ́wọ́. Gbogbo orí tó yẹ kó wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀: àwọn ibùdó tí a ti ń dán nǹkan wò, àwọn àléébù tí a ti mọ̀, àti àkójọ ìdánwò. Síbẹ̀, oṣù méjì gbáko ni mo fi ń ṣubú sínú kòtò tí òun ti mọ̀ dáadáa.

Ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí, nǹkan tó dúró sójú kan ló ń ṣàpèjúwe. Ẹni tó ń lọ láàárín ọ̀nà kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Nínú ìdánwò tó ń kùnà lójoojúmọ́, òmíràn ń kùnà nítorí pé ohun tó ń dán wò kò tíì sí rárá. Òmíràn, áàpù ló bàjẹ́ lóòótọ́. Òmíràn, ìdánwò fúnra rẹ̀ ló ti gbó. Lórí kọ̀ǹpútà, pupa ni gbogbo wọn. Àǹtí mọ èwo ni èwo. Èmi kò mọ̀. Mẹ́sàn-án nínú ojú-ìwé mẹ́rìnlá rẹ̀ sì jẹ́ orúkọ àwọn ìdánwò, èyí tí kọ̀ǹpútà ń tò sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bí a bá tẹ èyí:

```
pytest --collect-only -q
```

Ohun tí ẹ̀rọ lè sọ fún mi ló gba ààyè jù nínú ìwé náà. Èyí tí ẹ̀rọ kò lè sọ ló bá a wọ bàálù.

Ibùdó mẹ́ta la ní. Èyí tí wọ́n kọ `qa` sí lára ni ibi tí a ti ń ṣe é bó ṣe wù wá. Aago méjì òru ni wọ́n máa ń nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò, tí wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti òfìfo. `staging` jọ ibi tí àwọn oníbàárà wà bí ìbejì, bí kò ṣe pé báńkì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe báńkì tòótọ́. `prod` ni ti oníbàárà gan-an, a kì í fi ọwọ́ eré kàn án. Àǹtí kọ àdírẹ́sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, ó kọ orúkọ ẹni tó ń tọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n ibùdó ìdánwò a máa parọ́, irọ́ tó ń pa sì ni àlejò nílò jù.

Ẹ wo `staging`. Ní ọjọ́ kẹrin mi, mo fi ₦1,050 ránṣẹ́, ó lọ. Mo fi ₦1,051 ránṣẹ́, áàpù ní owó inú àkáǹtì kò tó, bẹ́ẹ̀ ₦20,000 ló wà níbẹ̀. ₦1,052 lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo dan ₦2,051 wò, kò lọ. Inú mi dùn, mo ní mo ti rí àléébù ńlá. Ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni mo fi kó ẹ̀rí jọ, mo ya àwòrán ojú fóònù, mo kọ ìròyìn gígùn. Ọ̀kan nínú àwọn tí ń kọ kóòdù kà á, ó fi ọwọ́ borí. Báńkì àfarawé tó wà lẹ́yìn `staging` ni wọ́n ti kọ́ láti máa wo díjíìtì méjì tó kẹ́yìn nínú iye owó, kó sì fi í ṣe èsì. 51 ni àwọn báńkì fi ń sọ fún ara wọn pé owó kò tó. 91 ni wọ́n fi ń sọ pé a kò rí báńkì ọ̀hún bá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe àwa la ṣẹ̀dá wọn, láti inú ìlànà `ISO 8583` tí ẹ̀rọ ìsanwó káàkiri ayé ń lò ni wọ́n ti wá. Bí tẹ́sítà bá fẹ́ mọ ohun tí áàpù yóò ṣe nígbà tí owó kò bá tó, kó kàn fi ₦1,051 ránṣẹ́. Ohun èlò tó wúlò gidi ni, èmi ni mo sọ ọ́ di àléébù.

Nọ́ńbà àkáǹtì náà nìyẹn. Mo ro pé mo lè gbé nọ́ńbà mẹ́wàá èyíkéyìí kalẹ̀, kí n sọ pé àkáǹtì ìdánwò ni. Áàpù kọ̀ ọ́. Nọ́ńbà àkáǹtì oní-díjíìtì mẹ́wàá tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà là kalẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà lásán: díjíìtì tó kẹ́yìn ni ẹ̀ṣọ́ fún mẹ́sàn-án tó ṣáájú. Wọ́n á to kóòdù báńkì oní-díjíìtì mẹ́ta ṣáájú mẹ́sàn-án yẹn, á di méjìlá. Wọ́n á fi 3, 7, 3 sọ wọ́n di púpọ̀ ní títẹ̀léra, láti orí àkọ́kọ́ dé èkejìlá, wọ́n á sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Díjíìtì tó kẹ́yìn nínú àròpọ̀ ni wọ́n á yọ kúrò nínú 10. Báńkì àfarawé wa ń lo 999, nítorí náà àkáǹtì tí mo fẹ́ ṣe jáde báyìí:

```
999 000000002
9×3 + 9×7 + 9×3 + 2×3 = 123
10 − 3 = 7
0000000027
```

Bí àyọkù bá jẹ́ 10, òdo ni wọn á kọ. Ìlà mẹ́rin péré. Ká ní ìlà mẹ́rin yẹn wà nínú ojú-ìwé mẹ́rìnlá náà ni, n kò bá má ti fi ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan máa méfò nọ́ńbà bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́.

Orí ọ̀rọ̀ àwọn àléébù tí a ti mọ̀ ni mo ti fẹ́ dúró pẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ẹ̀rín. Ìlà kan wà nínú ìwé Àǹtí tó ní: "Ìdánwò òté ojoojúmọ́ máa ń kùnà lóru. Ẹ má dá a lóhùn. Tí ẹ bá tún un ṣe láàárọ̀, á yege."

Mo gbọ́ràn. Àkójọ ìdánwò ńlá máa ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní aago méjìlá ààbọ̀ òru. Bí mo bá dé ọ́fíìsì láàárọ̀, màá rí i pé òté ojoojúmọ́ pupa. Màá tún un ṣe, á di àwọ̀ ewé. Màá lọ ra tíì mi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ kẹfà, a kó àwọn oníbàárà díẹ̀ wọlé láti bá wa lo áàpù náà ṣáájú àwọn yòókù, ìráhùn sì bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní òun fẹ́ san owó mọ́tò ní ọ̀gànjọ́ òru, áàpù ní òun ti ná owó òòjọ́ òun tán, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tuntun ti mọ́. Ẹlòmíràn sọ ohun kan náà. Mo wo àkókò tí ìráhùn wọn ṣẹlẹ̀: aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, méjìlá kọjá márùn-ún, àádọ́ta ìṣẹ́jú kọjá méjìlá. Kò sí èyí tó kọjá aago kan.

Sáfà wa kò fi aago Nàìjíríà ṣiṣẹ́. `UTC` ló ń kà, èyí tó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Nígbà tí aago méjìlá ààbọ̀ òru bá lù ní Èkó, tí ọjọ́ tuntun ti wọlé, aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ àná ni lójú sáfà. Oníbàárà tó bá ti ná ₦50,000 rẹ̀ tán ní ọ̀sán, sáfà á sọ pé ọjọ́ kò tíì yí. Ìdánwò wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ó ń ná owó àkáǹtì kan tán ní ọ̀sán, ó ń gbìyànjú ₦1,000 lóru. Òótọ́ ló ń sọ fún wa lóròòru, àwa là ń pa á lẹ́nu mọ́ láàárọ̀. (Ó wá dùn mọ́ mi pé Àǹtí lọ sí ibi tí àléébù yìí kì í ti í hàn nígbà òtútù: ní ìgbà yẹn, aago wọn àti `UTC` kì í fi ìṣẹ́jú kan yàtọ̀.)

Ẹnì kan nínú wa ní ká kàn sún àkókò ìdánwò sí aago kan ààbọ̀ òru. Pupa ì bá lọ lóòótọ́. Oníbàárà tó fẹ́ wọ mọ́tò lóru ì bá ṣì dúró síbẹ̀.

Mo bi Àǹtí pé kí ló mú un kọ "ẹ má dá a lóhùn". Kò fi pamọ́ fún mi. Ó ní ọ̀gá iṣẹ́ ló ní kí òun fi í sílẹ̀ ná, nítorí pé nígbà yẹn kò tíì sí oníbàárà kankan, ohun mìíràn sì wà tó le jù. Ìpinnu tó bọ́gbọ́n mu ni, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Ohun tó bọ́ sọnù nínú ìwé ni ìdí rẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kó dópin. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo tún ìlà yẹn kọ báyìí:

"PAY-212. Ìdánwò òté ojoojúmọ́ ń kùnà bí ó bá ṣiṣẹ́ láàárín aago méjìlá sí aago kan òru, kì í kùnà ní àkókò mìíràn. Ìdí: sáfà ń ka ọjọ́ ní `UTC`. Oníbàárà tó bá ti ná owó òòjọ́ rẹ̀ tán kò ní lè fi owó ránṣẹ́ ní wákàtí yẹn. Ọ̀gá iṣẹ́ ló ní ká fi sílẹ̀ títí oníbàárà àkọ́kọ́ yóò fi wọlé. Bí ó bá kùnà lẹ́yìn aago kan, kì í ṣe èyí o, ẹ wá ìdí mìíràn."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Àléébù tí a ti mọ̀ léwu nítorí pé àléébù tuntun lè wọ aṣọ rẹ̀. Bí gbogbo ènìyàn bá ti gbà pé ìdánwò kan máa ń kùnà, ọjọ́ tó bá kùnà nítorí ohun mìíràn, kò sẹ́ni tí yóò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọgbọ́n kan wà tí ẹ̀rọ fi lè bá wa rántí. Àwọn tí ń kọ kóòdù fún wa ní ọ̀nà tí ìdánwò fi lè sọ fún sáfà ìdánwò pé aago báyìí ni kó kà. A wá ní kí ìdánwò yìí máa ka aago méjìlá ààbọ̀ òru nígbàkígbà tó bá ṣiṣẹ́, ì báà ṣe ọ̀sán gangan. Ó wá ń kùnà ní gbogbo ìgbà, kò tún ṣe ségesège mọ́. Lẹ́yìn náà la kọ èyí sí orí rẹ̀:

```
@pytest.mark.xfail(reason="PAY-212: UTC", strict=True)
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a mọ̀ pé yóò kùnà, nítorí náà kó má tan iná pupa. Ṣùgbọ́n `strict=True` ni ọ̀gá nínú rẹ̀: lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá tún àléébù náà ṣe, tí ìdánwò bá yege láìròtẹ́lẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni yóò di pupa, yóò kọ `XPASS(strict)`, a ó sì mọ̀ pé ó tó àkókò láti yọ ìlà náà kúrò. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá tilẹ̀ ti kúrò ní ìlú, ìlà náà yóò pariwo fúnra rẹ̀.

Ní ti àkójọ ìdánwò, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Èyí tó kéré jẹ́ méjìlá, ìṣẹ́jú mẹ́fà ló ń gbà, òun la ń ṣe kí a tó gba ẹ̀dà tuntun lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ kóòdù. Èyí tó tóbi jẹ́ 340, ó ń gba wákàtí méjì lé díẹ̀. Ohun tí mo wá lóye pé ó yẹ kó wà nínú ìwé ni àbájáde ọjọ́ ìkẹyìn: lọ́jọ́ tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, 331 yege, mẹ́fà kùnà, a fo mẹ́ta, èyí sì ni ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án yẹn kò fi yege. Ní ọjọ́ kejì, ẹni tó gbapò yóò ṣe àkójọ kan náà, yóò gbé méjèèjì síra. Bí ó bá rí ìkùnà keje, tuntun ni. Láìsí àbájáde yẹn, kò sí bí ó ṣe lè mọ̀ bóyá ilé ń jó ni tàbí èéfín ti wà níbẹ̀ kó tó dé.

Ó sì yẹ kí olùkọ̀wé sọ ibi tí òun kò tíì dé. Àǹtí kò tíì dán áàpù wò lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń já, kò sì kọ ọ́. Èmi rí i pé ìwé kò sọ nǹkan nípa rẹ̀, mo gbà pé kò síṣòro níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí síìmù. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ nọ́ńbà mẹ́fà yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun mìíràn tó lè wà lórúkọ Àǹtí. Kò pẹ́ tí mo fi rí i. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e ni àwọn tí ń bójú tó kọ̀ǹpútà pa àkáǹtì ọ́fíìsì rẹ̀ rẹ́, bó ṣe tọ́ kí wọ́n ṣe. Iṣẹ́ òru wa, àkáǹtì rẹ̀ ló ń lò. Ọjọ́ Ajé, kò sí pupa, kò sí àwọ̀ ewé, ìròyìn kankan kò wọlé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bákan náà. Gbogbo wa rò pé àlàáfíà ni. Ìdánwò tó kùnà a máa pariwo, èyí tí kò ṣiṣẹ́ rárá ni kì í dún. Láti ìgbà náà la ti ní kí ìròyìn máa wọlé ní aago mẹ́ta òru, ì báà dára, ì báà burú, kó lè jẹ́ pé àìwọlé rẹ̀ gan-an ni ìkìlọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹni tó ń lọ béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀: bí wọ́n bá pa orúkọ mi rẹ́ lónìí, kí ni yóò dúró? Síìmù, íméèlì, iṣẹ́ òru, kọ́kọ́rọ́ báńkì àfarawé tí yóò pé ọjọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Pásíwọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé o. Ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí àti ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn fún ni ni kó kọ. Lẹ́yìn tó bá lọ, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí ó kan èmi náà láti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, n kò dúró di Ọjọ́ Ẹtì ìkẹyìn. Bí ó ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, mo gbé ìwé fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ gbapò mi, mo ní kó ti orí kọ̀ǹpútà òfìfo dé ibi tí àkójọ méjìlá yóò ti yege, kó má bi mí ní ohunkóhun. Mo jókòó tì í pẹ̀lú bírò. Gbogbo ibi tó bá ti dákẹ́, tó wo ojú mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnu mi ń yún mi, mo dì í. Ibi mọ́kànlá ló ti dúró. Ní ibì kan, ọmọ náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí n 'ṣe é bíi ti tẹ́lẹ̀'. Tẹ́lẹ̀ wo ni?" Mo yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Mo tún ìwé ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì mo tún ní kó bẹ̀rẹ̀, ibi méjì péré ló ti wo ojú mi.

Ojú-ìwé márùn-ún ni ìwé tèmi. Síìmù ìdánwò wà nínú dúrọ́ọ̀ òkè ní ọ́fíìsì, orúkọ ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọmọ náà tíì pè mí, ọjọ́ ìbí rẹ̀ ló sì pè mí sí.